Mo Sọ Pé Mo Ti Fi Wéra

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń gé àyọkà gígùn kúrú. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì mi rí ní Bódìjà yóò rántí ọ̀rọ̀ ìka mi. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ìka kan lé gbólóhùn kúkúrú, kí wọ́n gbé èkejì lé ibi tó ti wá nínú àyọkà. Gbólóhùn tí kò bá ní ìyá nínú àyọkà, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí "wọ́n ní", ẹ ka iwájú sí i, kí ẹ mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé gbà á tàbí ńṣe ló fẹ́ já a nírọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wí, màá sì fi pẹ́ńsù kan orí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí bàbá kan nínú ìjọ wa kú, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Àbújá pè mí. Bàbá náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé àjákọ, ojú ewé mẹ́rìnlá. Ojú ewé kan péré ni ìwé ètò ìsìnkú lè gbà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé e kúrú. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Inú mi dùn. Ìyìn máa ń wọ̀ mí lára ju bó ti yẹ lọ.

Atẹ̀wé kan ní Àgbowó ló tẹ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀rọ kan wà lórí fóònù náà, irú èyí tí àwọn ọmọ mi fi ń kọ lẹ́tà. Bí o bá fún un ní ìwé gígùn, yóò ti gé e kúrú kí o tó ṣẹ́jú. Mo fún un. Ohun tó gbé jáde dùn ún kà gan-an. Mo tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe, mo yẹ orúkọ wò, mo yẹ ọjọ́ ìbí wò. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá mo ti fi wé èyí tí Dádì wọn kọ. Mo ní mo ti fi wéra. Irọ́ ni mo pa. Ìwé àjákọ náà wà lórí tábìlì mi, n kò ṣí i kọjá ojú ewé kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi ìsìnkú, àlùfáà kà á sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ibi tó sọ pé: "Nígbà tí àìsàn dé, àbúrò rẹ̀ pa á tì, ṣùgbọ́n ó fi ìgbàgbọ́ fara dà á." Àbúrò ọ̀hún wà ní ìjókòó kejì, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ká ìwé ètò ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó wá ń wo ilẹ̀. Àwọn ará abúlé wọn yíjú wò ó. Kò dúró jẹun.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo délé, mo mú bírò pupa, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Ìka kan lórí kúkúrú, ìka kan lórí gígùn. Kúkúrú ní ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ni bàbá nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kò ní ìyá: igbákejì ọ̀gá ni bàbá kọ. Mo fàlà sí i. Ibi ìgbéyàwó tọ̀nà. Ibi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tọ̀nà. Mo wá dé ojú ewé kejìlá:

"Àwọn ará ilé ń sọ pé àbúrò mi pa mí tì nínú àìsàn. Irọ́ gbáà ni. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní Ring Road, òun ló ń wẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ojú má baà tì mí."

Ẹ̀rọ náà mú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ó fi èsì bàbá sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó fi fara dà á ńkọ́? Kò sí níbì kankan. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ṣe irú rẹ̀ rí, òdo ni mo fún un. Ojú tì mí débi pé mo fi ọwọ́ bojú, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo wà nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá àbúrò náà nílé rẹ̀ ní Òkè Àdó. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ bàbá jẹ́."

Mo ṣí ìwé àjákọ náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún padà sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ó ní. "Láti àná ni mo ti ń bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un."

Ó na ọwọ́ sí mi láti gbé mi dìde.

"Ẹ dìde, Tísà. Ẹ̀yin náà kò mọ̀."

"Ó yẹ kí n mọ̀, sà. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìsìn ìdúpẹ́, àlùfáà fún mi láyè. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá bó ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo purọ́ pé mo ti fi wéra. Àbúrò náà mi orí sí mi láti ìjókòó rẹ̀. Ìdajì àga ló ṣófo. Àwọn ará abúlé ti wọkọ̀ ní Ìwó Road lọ sílé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kálukú pẹ̀lú ìwé ètò ìsìnkú nínú báàgì rẹ̀.