Ràkúnmí Tí Kò Rí Ẹnubodè

Wọ́n ní Alùfáà ti sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé àwọn ìyá ní òun fetí ara òun gbọ́ ọ tó ń pariwo lórí Bíbélì ní ọ́fíìsì rẹ̀ pé, "Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni!" Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí gbà á gbọ́ dé ìlàjì, kí Ọlọ́run forí jì í. Ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ìyá ìjọ fi ń ṣòfófó láìdẹ́ṣẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Alùfáà fi wàásù lórí ọ̀rọ̀ Jésù pé ó rọrùn fún ràkúnmí láti gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá ju kí ọlọ́rọ̀ wọ ìjọba Ọlọ́run. Ti ọ̀sẹ̀ kẹta ló dùn jù. Ó ní ẹnubodè kékeré kan wà ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ojú Abẹ́rẹ́. Bí ràkúnmí bá sọ ẹrù kalẹ̀ tó sì kúnlẹ̀, á rá kọjá. Alùfáà fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó rá lórí pẹpẹ. Ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè é ní Bàbá Ràkúnmí.

Ogún ọdún ló ti ń wá àyè olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn alùfáà. Àyè ṣí wàyí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀. Alùfáà rẹ́rìn-ín. Ṣebí ìwàásù mẹ́fà wà nílẹ̀? Ó dì wọ́n pọ̀ bí ìdì igi, ó fi ránṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì, ka ẹ̀dà kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kọ 'Ẹ yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín' sí ojú ìwé kẹsàn-án. Ta ni kí onímọ̀ tó ń dá kàwé yíjú sí?"

"Ṣé ìyẹn nìkan ló burú?"

"Ẹ tún fi Àmín parí ẹ̀."

Lóòótọ́ ni àwọn olóòtú ìwé náà dá a padà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ onímọ̀ méjì tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò láìsọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan ní, "Kí ni ẹ ń jiyàn lé lórí? Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan." Ìkejì béèrè pé, "Ta ló rí ẹnubodè yìí?" Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta kó tún un ṣe.

Alùfáà àti àbúrò rẹ̀ wá ẹlẹ́rìí lọ. Ìwé tó ti rí ìtàn náà tọ́ka sí òmíràn, òmíràn tọ́ka sí òmíràn, èyí tó kẹ́yìn kàn ní "àwọn kan sọ pé". Kò sí ẹlẹ́rìí kan tó súnmọ́ ayé Jésù. Àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ náà kò hú ẹnubodè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló pariwo irọ́ ní ọ́fíìsì; ẹnubodè ló ń bá wí, kì í ṣe Bíbélì.

"Ó parí," ló wí. "Kò sí àpilẹ̀kọ mọ́."

"Ẹ gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún jàre. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnubodè wà, kí ló wá ya àwọn ọmọ ẹ̀yìn lẹ́nu?"

Alùfáà ṣí Ìhìn Rere Máàkù, orí kẹwàá. Lóòótọ́, ẹnu yà wọ́n, wọ́n béèrè ẹni tó lè là. Jésù kò sì ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe fún ènìyàn. Ni Alùfáà bá rí gbólóhùn rẹ̀: àwọn oníwàásù kọ́ ẹnubodè síbi tí Jésù mọ ògiri sí.

Ìwàásù márùn-ún dèrò ẹ̀yìn. Ó ka Máàkù ní èdè Gíríìkì, ó dá àwọn tó tako ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóhùn láìbú wọn. Ó mú òwe àwọn olùkọ́ Júù nípa erin àti ojú abẹ́rẹ́ wá, ó sì jẹ́wọ́ pé ìwé tó ti rí i pẹ́ lẹ́yìn ayé Jésù. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yá lò tí kò kọ ibi tó ti mú un sísàlẹ̀ ojú ìwé. Nígbà tó ń to àpẹẹrẹ ìwàásù ẹnubodè, ó ka tirẹ̀ mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ dé etí alága ìgbìmọ̀ ìjọ, bàbá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, tí àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ àwọn olóòtú kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n pe ìpàdé.

"Alùfáà, ẹ yọ ìwàásù yín kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ti ìjọ mìíràn sí i."

"Ti ìjọ mìíràn wà níbẹ̀, bàbá. Tiwa ni mo mọ̀ dájú."

"Kí ayé wá máa sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi gbọ́ irọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, bàbá. Ọ̀sẹ̀ kẹta. Màá tún un ṣe lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ẹnìkan pa ẹ̀rín mọ́ra. Alága yí fìlà rẹ̀ padà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Tẹ́ ẹ bá ti ẹnubodè yẹn pa, ibo làwa tá a ní díẹ̀ lọ́wọ́ máa gbà?"

"Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bàbá. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún wa, ó ṣeé ṣe fún un."

"Ìyẹn ò yé èèyàn! Ti ìkúnlẹ̀ yẹn yé mi. Mo lè kúnlẹ̀!"

Alùfáà wo aago ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó máa fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lódìkejì títì. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó tẹríba fún àwọn àgbà.

"Ẹ jókòó, a ò tíì parí! Ṣé ẹ ń sọ pé tí mo bá tiẹ̀ sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀, Alùfáà, gbogbo ẹ̀ pátá..."

Alùfáà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré rìn.