Bí A Ó Ṣe Gbowó Lórí Ohùn Bàbá Mi

Ohùn bàbá mi ló wà nínú áàpù náà. Àfáà ni, ọmọ Ìlọrin, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní kéwú ní Dar es Salam, àdúgbò tí a ń gbé nílẹ̀ àjèjì níbí, kí wọ́n tó bí mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jù mí lọ, la gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tí a sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ orí fóònù. Ọ̀fẹ́ la kọ́kọ́ fi í ṣe. Nígbà tí owó ìtọ́jú áàpù náà wọ̀ wá lọ́rùn, a ní àfi kó máa bọ́ ara rẹ̀, tàbí ká pa á tì.

Ìpolówó la kọ́kọ́ fi sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá kan fi gbé fóònù rẹ̀ wá láti àdúgbò Gamkalley: bí Fátíhà ṣe ń parí, àwọn oníjó tó ń polówó tẹ́tẹ́ ló bọ́ síta. Bàbá mi ò pariwo. Ó kàn ní kí n yọ ohùn òun kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà, ìpolówó la sì yọ. Owó tí ìpolówó ọ̀hún sì mú wá ò tó ra búrẹ́dì, torí àwọn tó ń lò ó ò pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n máa san án lóṣooṣù. Ta ló ní káàdì báńkì nínú wọn? Orí fóònù ni wọ́n ti ń sanwó, oníkálùkù á sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Wọn á gbàgbé, ẹ̀kọ́ á sì tì.

"Á tì mọ́ ọmọ lójú?" Bàbá mi wò mí. "Èmi ò lé ọmọ tí ò mú owó Àlàrùba wá lọ sílé rí." Owó kéwú tí àwọn ọmọ ń mú wá ní gbogbo Ọjọ́rú ló ń sọ.

Mo ní ká máa wá akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn àfáà, ká máa gba kọmíṣọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: bí òbí bá ti mọ ilé àfáà, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ wa? Orí mi dàrú pátápátá.

Níkẹyìn, a ní kí wọ́n ra ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kò ní tì mọ́. Ẹni tí ò bá ní, bàbá á fún un ní kóòdù ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn oníkóòdù ọ̀fẹ́ pọ̀ ju àwọn tó rà á lọ. Inú bí mi gan-an. Ọ̀rẹ́ mi fi orúkọ kan hàn mí nínú wọn, mo sì gbé e lọ bá bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni yìí tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ méjì, òun náà ò rówó ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ó jókòó síwájú mi, ó ní láti kékeré lòún ti kàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, òun ò mọ Fátíhà kà. Ṣé kí n wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi pè mí nírọ̀lẹ́, ó ní ṣé mo ti bá bàbá sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní n ò tíì bá a nílé.