Bí Méjì Ààbọ̀ Ṣe Fẹ́ Di Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìyá Bó-Ṣe-Wà ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Ìwé ló ń túmọ̀ láti èdè kan sí òmíràn, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, ìwé gan-an ni wọ́n ń gbé wá. Nísinsìnyí, àwòrán orí fóònù ni: òmíràn wọ́, òmíràn ṣókùnkùn, àtàǹpàkò ẹni tó yà á á sì wà ní igun.

Nígbà kan tó ṣì fẹ́ràn kíákíá, ó ka ọ̀kan sí méje nínú ìwé ọjọ́ ìbí ọkùnrin kan, ó sì túmọ̀ rẹ̀ láti inú àwòrán tààrà. Ọdún tó ṣì kà yẹn wọ ìwé ìrìnnà, ó wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́, ó wọ ìwé iṣẹ́. Odidi ọdún méjì ni ọkùnrin náà fi ń tún un ṣe, kò sì bú u rárá. Àìbú yẹn ló dùn ún jù. Láti ìgbà náà, ohun tó wà nínú àwòrán ló kọ́kọ́ máa ń dà kọ ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ṣe wà. Ibi tí kò bá hàn, á fa òbírí yí i ká. Ìgbà yẹn ni á tó túmọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ kan lẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì," ni àbúrò rẹ̀ máa ń wí.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, obìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ. Bàbá rẹ̀ ṣàìsàn nílẹ̀ òkèèrè nígbà tó lọ kí ọmọ rẹ̀ kan. Dókítà ibẹ̀ fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn ti tán, ilé ìwòsàn tilé sì fẹ́ mọ ìwọ̀n tó ń lò kí wọ́n tó fún un ní òmíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwòrán ìwé dókítà ló mú wá. Ìwé gan-an wà lọ́wọ́ bàbá nílé.

Kí ẹ̀gbọ́n tó da ìlà mẹ́fà kọ, àbúrò ti túmọ̀ tirẹ̀ tán. Ó kà á sókè ketekete: "Miligíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójúmọ́. Ìyẹn ìdajì hóró oníàádọ́ta."

Obìnrin náà dìde. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

"Jókòó ná, ọmọ mi," ni Ìyá Bó-Ṣe-Wà wí. Ó gbé àdàkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà níwájú rẹ̀. "Bá mi wò ó. Ṣé bákan náà ni wọ́n rí?"

"Mà, mi ò gbọ́ èdè yìí o."

"Mi ò ní kí o gbọ́ ọ. Ojú ni kí o fi wò ó."

Obìnrin náà fi ìka tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró. "Ẹ kọ 25 níbí, mà. Àmọ́ nínú àwòrán, àlàfo wà láàrin 2 àti 5. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká ìwé."

Ìyá fa òbírí yí i ká. Lẹ́yìn náà ló wo ìlà ìsàlẹ̀ nínú àdàkọ tirẹ̀: ìdajì hóró oní-5 lójúmọ́. Báwo ni ìdajì márùn-ún ṣe máa di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?

"Ìwọ, níbo lo ti rí àádọ́ta?"

Àbúrò rẹ̀ tẹjú mọ́ fóònù. Etí òǹtẹ̀ dókítà ló kan 5 náà, tó rí roboto bí òdo. Ojú tì í. "Mo ti ka mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lókè, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, àádọ́ta ló bá a mu, mi ò sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì."

"Ìkejì jẹ́rìí èké fún ìkíní. Tí o bá sì ti fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ta ló máa mọ̀ pé àlàfo kankan wà níbẹ̀?"

Wọ́n pe bàbá. Ó na ìwé náà sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó tún un yà. Nígbà tí àwòrán tuntun wọlé, àmì kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́, wà láàrin 2 àti 5. Méjì ààbọ̀ ni. Ìdajì hóró oní-5, ó ṣe rẹ́gí.

Obìnrin náà fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ìlọ́po mẹ́wàá, mà! Ẹ̀jẹ̀ ni ì bá máa ya lára bàbá mi!"

"Kò ní í ya mọ́." Ìyá túmọ̀ àdàkọ náà, ó sì nà án sí i. "Máa lọ, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Obìnrin náà ni. Dókítà ti fún bàbá ní oògùn, ó ti lo ìdajì hóró, ó sì ti sùn lọ sórí àga.

"Ẹ gbọ́ ọ, mà," ó wí, ó sì gbé fóònù sún mọ́ bàbá. Ìhanrun ńlá kan wọlé, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì pa fóònù náà fún ìgbà díẹ̀.