Bíréèkì Tó Ń Gbọ̀n

Iṣẹ́ mi ni láti dán dírẹ́bà wò kí ó tó gbé arúgbó kankan sínú ọkọ̀ wa. Ilé kan ní District Heights, níbí lókè òkun, ni ibi iṣẹ́ wa, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń lo ọ̀sán. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ta káàdì, nọ́ọ̀sì á yẹ̀ wọ́n wò, ọkọ̀ á sì dá wọn padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà tuntun, pẹ̀lú bébà lórí itan mi, tí n óò máa sọ gbogbo ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún un. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi ló máa bọ́ mi, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀; ọmọ rẹ̀ ló mú un wá sọ́dọ̀ wa kí ó wá ṣe dírẹ́bà. Fọ́ọ̀mù méjì ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti dírẹ́bà, èkejì jẹ́ ti àwọn tí ọkọ̀ ń gbé. Ó sọ fún ọ̀gá wa, níṣojú bàbá rẹ̀, pé bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ wo èkejì, torí òun kò fẹ́ kí bàbá máa dá jókòó sílé láti àárọ̀ títí òun yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ dáadáa ni. Bàbá rẹ̀ kàn ń fi ọwọ́ nu fìlà rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Ìgbà tí a wọ ọkọ̀ tán ló tó la ẹnu.

"Tísà," ló ní. Báyìí ló ṣe sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa lọ́rì láti Ìbàdàn dé Sókótó. Mo gbé iṣu, mo gbé sìmẹ́ńtì, mo gbé màlúù. Ẹnì kankan ò tíì gbé èmi rí."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ara rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Bí ó bá yege, òun ni yóò máa wa ọkọ̀ náà. Bí kò bá yege, inú ọkọ̀ kan náà ni yóò máa jókòó sí, pẹ̀lú bẹ́líìtì láyà, tí ẹlòmíràn á máa bi í bóyá ó ti tọ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀gá wa máa ń fún dírẹ́bà láti ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹ̀kẹrin.

Ó wakọ̀ dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó mú sùúrù fún gbogbo ènìyàn ní òpópónà Marlboro Pike, ó tilẹ̀ ń kí àwọn tó ń tẹ fèrè mọ́ ọn. Bíréèkì ló dá a dúró. Lẹ́yìn ilé ìtajà kan tó ti kógbá sílé, pápá ìgbọ́kọ̀sí kan wà tó fẹ̀, òjò sì ti rọ̀ sí i láti òru. Mo gbé páálí kan sáàárín rẹ̀. Mo ní kí bàbá sáré dé máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní wákàtí kan, tí ó bá dé ibi tí mo fi kóònù, àmì onírọ́bà tó ṣe ṣóńṣó, sí, kí ó tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ó sì yà fún páálí náà.

Ó sáré dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí bíréèkì: ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e. Bí wọ́n ṣe ń pọ́ǹpù bíréèkì lọ́rì nìyẹn. A gun páálí náà mọ́lẹ̀, ó ṣe "pàà".

Mo ṣàlàyé fún un, mo sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Bàbá, èyí ní ABS. Nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an, tí táyà kan wá fẹ́ dì gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, kọ̀ǹpútà á dín agbára bíréèkì kù lórí táyà yẹn kó lè máa yí, á tún fi kún un. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹsẹ̀ yín ò lè yára tó o."

"Kí wá ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má gbé e. Òun ló ń pọ́ǹpù fún yín. Tí ẹ bá ń gbé ẹsẹ̀, ńṣe ni ẹ ń sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ dúró mọ́. Táyà tó dì kò ṣeé yí, yíyọ̀ ló máa yọ̀ lọ tààrà. Èyí tó ń yí ló ń gbọ́ ti sítíárìn. Torí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ẹ sì yà."

"Ṣé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dúró nìyẹn?"

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà, sà. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yìnyín tó rọ̀, ó lè pẹ́ sí i. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni tó wà níwájú."

Ó mi orí. "Ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì òjò ṣì ń rọ̀, páálí tuntun sì wà. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bí mo ṣe wí. ABS sì dáhùn. Bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan ń dún "grr, grr" nísàlẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo fẹ́ sọ pé kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni:

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi sílẹ̀!"

Bàbá fi í sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá. "Pàà."

A jókòó. Òjò ń rọ̀ sórí gíláàsì.

"O ní kí n fi sílẹ̀," ló wí.

"Mo ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ ni, sà."

"O kò sọ síbẹ̀."

N kò sọ síbẹ̀ lóòótọ́. Inú bí mi, mo sì wá ẹni tí n óò bínú sí nínú ọkọ̀ náà, n kò rí ẹlòmíràn ju ara mi lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì ronú rí pé "fi sílẹ̀" lè túmọ̀ sí kí èèyàn jẹ́ kí nǹkan wà níbi tó wà, kí ó sì tún túmọ̀ sí kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi fọ́ sórí bàbá onílọ́rì.

Nígbà tí a padà dé, mo ń to bí n óò ṣe ṣàlàyé fún ọ̀gá wa. Bàbá ti ṣáájú mi wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀, Màdáàmù. Tísà kọ́ mi dáadáa." Ojú tì mí débi pé n kò lè wọlé. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ni mo wọlé, mo sì sọ òtítọ́. Ọ̀gá ní òun gbọ́, àmọ́ ìgbà méjì ti lọ, ó di ọjọ́ Ẹtì. Fọ́ọ̀mù kejì wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹnì kan ti kọ orúkọ bàbá sí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a dé pápá, mo gbé páálí sílẹ̀. Bàbá kò tíì tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ padà.

"Tísà, ìwọ náà, ṣé o ti ṣe é rí?"

"Ṣe kí ni, sà?"

"Kí o tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbọ̀n."

Mo ti wo fídíò rẹ̀. Mo ti ka ìwé rẹ̀. Mo ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe é, n kò lè ka iye wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tèmi kò tíì gbọ̀n rí.

"Bọ́ síbí," ló ní. A pàrọ̀ àga.

Mo sáré dé ibi kóònù, mo tẹ bíréèkì náà. Olúwa mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti wà lókè. "Pàà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ta ló ní kí o fi sílẹ̀?" ló ń bi mí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, Tísà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni n bá tún ṣe?

Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú lọ́rì, bíréèkì kì í gbọ̀n lásán. Tó bá ti gbọ̀n báyẹn, nǹkan ti fẹ́ já nìyẹn, ẹsẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, kò lè gbàgbé rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

"Má sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ tàbí kí n fi sílẹ̀," ló wí. "Sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kò bàjẹ́."

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣa páálí tó ti fọ́ náà tò padà bí mo ṣe lè tò ó, mo sì padà sí àga mi. Bàbá sáré. Kóònù dé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.

"Kò bàjẹ́," mo ní. "Kò bàjẹ́, kò bàjẹ́, kò bàjẹ́."

Iṣan ọrùn rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó yí sítíárìn sí òsì, ọkọ̀ ńlá náà, tó ń gbọ̀n, tó ń kùn, gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó sì yà. Ó dúró. Páálí wà lápá ọ̀tún wa, ògbólógbòó páálí tí kò tún rí ìyà mọ́.

"Kò bàjẹ́ lóòótọ́," bàbá wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òun ló gbé àwọn arúgbó wa wá láti Seat Pleasant, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo tán, mo ṣí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ láti wá bírò, mo sì rí fọ́ọ̀mù kejì yẹn tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Bàbá ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo nà án sókè, mo di etí rẹ̀ mú láti fà á ya.

"Fi sílẹ̀," bàbá wí.

Mo bi í èwo nínú ìtumọ̀ méjèèjì. Ó wo dígí, ó wo àwọn àga tó wà lẹ́yìn wa, níbi tí arúgbó kan ti gbàgbé ọ̀pá rẹ̀.

"Síbẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ mi ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbé mi, kí o kọ́ ọ dáadáa."