Ímeèlì Tí Fínnífínní Kọ sí Òtẹ́ẹ̀lì

Fínnífínní ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ yìí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé orúkọ àbísọ ni. Aṣọ kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí òwú kan ṣoṣo bá ṣì yọ lára rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i," á ní, "Èmi ti rí i ná." Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, obìnrin méjì ló sì ń bá a ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá aránṣọ kan ní òdìkejì ìlú ló ti kọ́ṣẹ́. Bàbá yìí ló kọ́ ọ pé inú aṣọ ni kó máa kọ́kọ́ wò kó tó wo òde rẹ̀. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ parí, tó lọ dá dúró, oṣooṣù ló ń yà kí bàbá. Nígbà tó yá, ó di ìgbà tí ọdún bá yí po. Nígbà tó tún yá, bó bá pàdé ẹni tó ń gba ọ̀nà ibẹ̀, á kàn ní, "Ẹ bá mi kí bàbá o." Kì í ṣe pé ó kórìíra wọn. Ayé ló dí, ojú sì ti fẹ́ máa tì í láti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.

Iṣẹ́ wá dá. Aṣọ tí wọ́n ti rán tán ni gbogbo ènìyàn ń rà, ohun tó kù fún aránṣọ ò ju kó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, kó pààrọ̀ síìpù tó bàjẹ́. Ọjọ́ míì wà tí àwọn obìnrin méjèèjì á jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, tí wọ́n á máa fi epo nu ohun tí wọ́n ti fi epo nù lánàá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló mú ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wá. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni àwọn tíṣà ti ṣe ìpàdé, bó sì ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan." Ó na fóònù sí i. Fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni. "Ẹ wo ọmọbìnrin tó gbé omi wá fún wa. Abíyá aṣọ rẹ̀ ti já, ṣe ló ń fi apá mọ́ra bí adìyẹ tí òjò pa."

Fínnífínní fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Kọ́là ẹnì kan ga lọ́tùn-ún, ó wálẹ̀ lósì. Ojú rírán tó yẹ kó lọ tààrà ń rìn bí ẹni tó mutí yó.

"Ta ló ń rán rádaràda yìí fún wọn?"

"Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí mánéjà wọn. Àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì rẹ̀ nìyí."

Àbúrò gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ó kọ ọ́ sókè pé, "Àbá láti máa pèsè yunifọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ yín." Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń sọ, àbúrò ń tẹ̀ ẹ́:

"A kí yín o. Ilé iṣẹ́ aránṣọ ni wá, a sì fẹ́ máa rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń gba àlejò, àwọn agbáwo, àwọn alásè, àwọn tó ń tún yàrá ṣe àti àwọn ẹ̀ṣọ́ yín. A ó wá wọn òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi iṣẹ́. A ó kọ́kọ́ rán ẹyọ kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pinnu. Aṣọ tí omi gbígbóná àti ọṣẹ líle kò ní tètè ṣá la ó lò. Bí ojú rírán bá tú láàárín oṣù mẹ́fà, àwa la ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, iye kan náà la ó fi rán tirẹ̀. Ìdajì owó la ó gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù lọ́jọ́ tí a bá kó o dé. Iye tí a fẹ́ gbà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tí a so mọ́ ímeèlì yìí."

Àbúrò rò pé ó ti parí. Fínnífínní ní, "Fi èyí kún un: èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń wọ̀ báyìí kò yẹ òtẹ́ẹ̀lì yín. Ọwọ́ ẹni tó rán an kò dúró sójú kan."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ẹ ò mọ ẹni tó rán an."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Fi síbẹ̀ jàre."

Ó fi síbẹ̀, ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù sísàlẹ̀, ímeèlì sì lọ.

Wọ́n retí èsì títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tí yóò fi dé, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni: mánéjà dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n wá rí òun pẹ̀lú ègé aṣọ tí wọ́n fẹ́ lò. Inú Fínnífínní dùn débi pé ó ra ẹran fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n lọ fi jẹun alẹ́.

Yàrá tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò ni ọ́fíìsì mánéjà. Táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká jọ ga dé àjà ní kọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin tíńrín ni mánéjà, kì í sì í bínú. Ó fún ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó tú u sílẹ̀, ó wò ó bóyá ó rún. Ó béèrè bí àwọn aránṣọ ṣe pọ̀ tó, àti bí iṣẹ́ ṣe máa yá tó. Ohun tí Fínnífínní sọ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá fa yunifọ́ọ̀mù kan yọ nínú dúrọ́ọ̀.

"Ẹ mú èyí lọ, kí àwọ̀ tuntun lè bá a mu."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ Fínnífínní ti yí aṣọ náà padà, ó ń wo inú rẹ̀. Ní igun àpò, níbi tí àpò ti máa ń ya, ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán òwú ní àránkọjá bí ìràwọ̀ kékeré. Ìràwọ̀ náà wọ́, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Òun náà ń rán bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń rán an fún yín?"

"Bàbá àgbàlagbà kan ni. Láti ìgbà tí a ti ṣí ibí ni wọ́n ti ń bá wa rán an. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn, ìyẹn ni mo ṣe tẹ ímeèlì yín síwèé, tí mo fún wọn kà. Wọ́n kà á, wọ́n ní òótọ́ ni."

Fínnífínní rọra ká yunifọ́ọ̀mù náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà gbàgàdà, bàbá ló sì bá a yan orúkọ ọ̀hún.

Láti òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ bàbá ló gbà lọ. Ìyàwó bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Fínnífínní kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ìwé míì lo tún kọ wá ni?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Wọ́n wà nínú lọ́hùn-ún. Wọn ò lè sá lọ síbì kankan."

Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ, àmọ́ kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, bí ewé tí atẹ́gùn kò jẹ́ kó sinmi.

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ọlọ́run ló rí ọkàn mi."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ohùn bàbá kò le. "Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní o mọ̀ ni, màá ní o ń bá mi jà, màá sì jà padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ yìí, gbogbo àdúgbò mọ̀, ọmọ tí mo fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni kò mọ̀."

Omi lé ròrò sójú Fínnífínní. Ó ní òun á kọ̀wé sí mánéjà pé òun kò ṣe mọ́.

"Kí wọ́n lè gbé e fún ta ni? Wọn ò ní dá a padà fún mi. Ẹlòmíràn tí kò mọ apá yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ni wọ́n máa pè."

"Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é nígbà náà. Ẹ̀yin á máa gé, àwa á máa rán."

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kó lè rí i dáadáa. "Èyí ni kó máa gé aṣọ olówó? Lọ ṣe é. Àwọn alásè, jẹ́ kí apá aṣọ wọn gbà wọ́n dáadáa, nǹkan tó wà lókè ni wọ́n máa ń nawọ́ mú. Kó o sì fi aṣọ sílẹ̀ lójú rírán, torí agbáwo kì í sanra díẹ̀díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ tún ń kọ́ ọ! Ẹ tún ń kọ́ ọ ni!"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Fínnífínní ṣe iṣẹ́ náà. Mánéjà yẹ àpẹẹrẹ wò, ó gbà á, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún kan. Ní ọjọ́ tó lọ wọn àwọn òṣìṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n tò sí. Agbáwo kan tí irun rẹ̀ ti funfun na apá méjèèjì fún un, ó ní, "Bàbá wa ńkọ́? Wọ́n máa ń dápàárá pé ikùn mi ń bá àwọn jà."

"Wọ́n wà," ni Fínnífínní wí. Ó mú téèpù, ó wọn ikùn ọkùnrin náà. Kò lè dápàárá kankan.

Aṣọ náà dára. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yí níwájú dígí, ọmọbìnrin inú fọ́tò na apá sókè ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó já. Iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù, ó tilẹ̀ di dandan kí wọ́n gba obìnrin kẹta. Àbúrò ń yọ̀, ó ní, "Ẹ rí ohun tí ímeèlì kan ṣe?" Ẹ̀gbọ́n ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ó wá ń lọ sọ́dọ̀ bàbá bó ṣe yẹ kó ti máa lọ tẹ́lẹ̀. Á gbé èso dání, á jókòó. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá máa ń bi í léèrè iṣẹ́. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Á kàn kọjú sí ògiri, á máa gbọ́ rédíò tí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Bí Fínnífínní bá sì dìde láti lọ, bàbá á ní, "Ó ti tó, má pẹ́ lójú ọ̀nà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé ibẹ̀, ó bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ní ọmọ bàbá ti wá kó tọkọtaya lọ sí ìlú tó ń gbé, wọ́n sì ti ta ẹ̀rọ. Fínnífínní dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ó pe nọ́ńbà ìyàwó bàbá. Ìyá gbé e.

"Wọ́n ń sùn," ló wí.

Fínnífínní gbọ́ rédíò náà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbọ́ bí bàbá ṣe ń húkọ́. Ó ní kò burú, òun á tún pè. Ó tún pè lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbé e. Lọ́jọ́ kejì, mánéjà ránṣẹ́ pé àwọn ti gba alásè tuntun. Fínnífínní mú téèpù rẹ̀, ó sì lọ wọn ọ́n.