Ilé Iṣẹ́ Yìnyín tó Wà ní Ẹ̀pẹ́

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ọ̀gá àgbà wa ti ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀: ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka ìtajà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìpolówó, àti ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìkòròdú ni ilé iṣẹ́ wa wà. Jẹnẹrétọ̀ ńláńlá là ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́, a sì máa ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á. Kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbà wá tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ̀ka méjèèjì kì í gbọ́ ara wọn yé. Àwọn ará ìpolówó á pín ìwé kan náà káàkiri, wọ́n á gba orúkọ ẹni tó bá ṣáà ti dúró gbọ́ wọn, wọ́n á kó o fún wa. A ó pe ẹni náà, a ó rí i pé kàlẹ́ńdà lásán ló fẹ́. Àwa náà kò sàn jù. Ohun tí oníbàárà bá sọ fún wa, inú wa là ń fi í sí. Ọ̀gá àgbà wá ní kí ìyẹn dópin. Àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ la ó jọ yàn, ẹ̀ka méjèèjì á jọ dojú kọ wọn, a ó sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ni ọjà tí a ní.

“Bá a bá ní kẹ́yin ará ìtajà yàn,” olórí ìpolówó ní, “gbogbo ẹni tó ti rẹ́rìn-ín sí yín rí lẹ máa kọ síbẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?” ọ̀dọ́mọkùnrin wa dá a lóhùn. “Gbogbo ilé tó bá ti ní géètì ńlá ni tiyín.”

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. A fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a ó máa bi léèrè nípa ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣé iṣẹ́ wọn á dúró bí iná bá lọ? Ṣé àdéhùn wọn pẹ̀lú ẹlòmíràn ti fẹ́ parí, àbí wọ́n ń fẹ ilé iṣẹ́ wọn sí i? Ṣé a lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pinnu? Ilé iṣẹ́ oníke kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń lépa tipẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni máníjà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ àwọn mìíràn ni. A yọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Méje ló kù. Ilé iṣẹ́ yìnyín kan ní Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn, tó ń bá àwọn tó ń ta ẹja lọ́pọ̀ tọ́jú ẹja wọn. Olórí ìpolówó ló rí i. Ó ti ka ìpolówó wọn nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ, ó lọ síbẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti ń kọ́ yàrá òtútù kejì. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Ó wá dìde sí pátákó, ó kọ àwọn tí ọ̀rọ̀ ríra ẹ̀rọ kàn ní ilé iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ yẹn síbẹ̀. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rù kí ẹja oníbàárà má lọ bàjẹ́. Ẹnjiníà ń fẹ́ àwọn tí yóò tètè dé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Iye epo ló ń ká olórí ẹ̀ka owó lára. Ọ̀tọ̀ ni ìwé tí a ó kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa ará ìtajà ni yóò sì tẹ̀ lé e lọ bá wọn.

“Obìnrin ni olórí owó wọn,” ó ní. “Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀, kì í sì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.” Ó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí ìyàwó mi ti kú. Láti ìgbà tí a ti ṣe àdúà ọdún kan ni n kò ti padà sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ìjà. Gbogbo ojú tó wà nínú ilé wọn ló jọ tirẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè jókòó sáàárín wọn.

Mo sọ fún wọn pé àna mi ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ lu tábìlì.

“Ọ̀gá, a ti wọlé nìyẹn! A ti ní èèyàn nínú!”

“Ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ni,” mo ní. “Bó bá ní kí n dín owó, màá dín in. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, yóò ṣòro fún un láti kọ̀. Ẹ yọ Ẹ̀pẹ́ kúrò.”

Ọ̀gá àgbà wò mí. “Ṣé tìtorí iṣẹ́ ni, àbí tìtorí ara yín?”

Olórí ìpolówó fi ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ẹ bá ẹnjiníà wọn sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á gbé ọ̀rọ̀ owó lọ. Ṣùgbọ́n ìwé wa ò gbọdọ̀ ṣáájú yín débẹ̀. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà ìtajà. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́kọ́ rí yín?”

“Tí wọ́n bá gbọ́ pé àna wọn wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n lè lé wa,” ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní.

“Wọ́n lè lé wa,” olórí ìpolówó dá a lóhùn. “Èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ wọn kiri láti oṣù tó kọjá ló sì máa dùn jù. Kí wọ́n mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ṣáá.”

Ọ̀gá àgbà gbà. Wọ́n dá ìwé Ẹ̀pẹ́ dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí a ti ń jáde, obìnrin náà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má mú káàdì iṣẹ́ dání o.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ má sì lọ fajú ro bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn níbi iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra búrẹ́dì ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè.

“Ta là ń wò yìí? Àbí ẹ ṣìnà ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dìde, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.” Ó ti gba búrẹ́dì kí n tó dìde tán. “Ẹ ti rù.”

Mo jókòó tì í. Mo bá a ṣa ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ wa fẹ́ wá bá tiwọn ṣòwò.

“Ohun tó gbé yín wá nìyẹn?”

“Rárá, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ìwé lẹ ti máa kọ́kọ́ rí mi ni.”

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

“Bí ìwé yín bá dé, màá sọ fún ọ̀gá mi pé àna mi wà níbẹ̀,” ó ní. “Igbákejì mi ló máa yẹ owó yín wò. Bó bá wọ́n jù, á dá a padà, mi ò sì ní gbèjà yín.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mi ò tíì jẹun.”

Ó yíjú sínú ilé. “Ìyá! Ọkọ ọmọ yín dé o!”

Ohùn ìyá ìyàwó mi dáhùn láti inú yàrá.

“Òun náà ni? Kí ló ń ṣe níta? Kó máa wọlé bọ̀.”

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ.