Onítìmùtìmù Tí Kò Lè Jókòó De Owó Rẹ̀

Onítìmùtìmù kan wà tó ń ṣe àga fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ tí ìdí tirẹ̀ kì í kan àga. Àga tí fóòmù ń yọ lára rẹ̀ bí ìfun adìyẹ, bó bá wọ ọwọ́ ọkùnrin yìí, bí ìtẹ́ ọba ni yóò ṣe jáde. Wọ́n ní oníbàárà kan jókòó dán ọ̀kan wò lọ́sàn-án, ó sì gbàgbé pé òun nílé títí wọ́n fi wá a wá. Orí ìdúró ni òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Orí ìdúró ló ti ń ránṣọ. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ń jà, àárín pálọ̀ ni yóò máa rìn bí ẹni tí ẹ̀wù ń jó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòlèjókòó.

Maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ló kú lójijì. Kò sinmi, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ra tuntun lórí fóònù, ó sì fi káàdì sanwó rẹ̀ tán pátá, kò ku kọ́bọ̀ ní báńkì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ pè é.

“Ojú mi ti lọ, ọmọ. Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo fẹ́ ta maṣíìnì. Oníṣòwò àlòkù kan ti wá wò ó, àmọ́ ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè. Owó lọ́wọ́, ẹrù nílẹ̀. O mọ̀ pé mi ò tàwìn rí.”

“Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn! Di ọjọ́ Ẹtì, owó yín á pé.”

Maṣíìnì yẹn ló fi kọ́ṣẹ́. Awọ tí a ká lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni ń rán aṣọ ọmọ tuntun ni lójú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó rán ilẹ̀kùn mọ́ férémù nígbà kan, wọn ò sì tíì rí ẹni já a títí dòní.

Kòlèjókòó sáré ṣí fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé olùtajà ṣì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìyàwó rẹ̀, onídìrí ni, ó na ọrùn wò ó láti ibi tó ti ń di irun oníbàárà.

“Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Fagi lé e kíá kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó ń kó ẹrù kiri. Bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó di dandan kó dé ibí kó o tó dá a padà.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù wá bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí owó gbà padà: inú àpò rẹ̀ ní ilé ìtajà náà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí sórí káàdì tó fi sanwó, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ rí “lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀”, ìka rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Ìyàwó fi kóòmù gbá a lọ́wọ́.

“Bàbá ọmọ mi! Owó tó bá wọ àpò wọn, ọjà wọn lo máa fi rà. Àbí ọ̀gá rẹ ti di ilé ìtajà orí fóònù ni?”

Ló bá yan káàdì. Kí ó tó ṣẹ́jú, àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé olùtajà ti gbà, wọ́n ti fagi lé ọjà, wọ́n sì ti dá owó padà. Ó fò sókè. Ó wo báńkì rẹ̀. Òfìfo. Ó pa fóònù, ó tan án. Òfìfo náà ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kí báńkì tó ṣílẹ̀kùn ló ti ń rìn yí i ká.

“Bàbá, ẹ jókòó,” ni akọ̀wé obìnrin tó dá a lóhùn wí.

“Mi ò wá jókòó. Owó mi dà?”

Obìnrin náà ka àtẹ̀jíṣẹ́. “Ilé ìtajà ti tú u sílẹ̀. Ọ̀nà káàdì tó gbà lọ náà ló ń gbà bọ̀, ó sì máa kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó káàdì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àbámẹ́ta àti Àìkú ò sí nínú kíkà o.”

“Nígbà tó ń lọ, ìṣẹ́jú kan ni! Ṣé ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé ni?”

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Kòlèjókòó ní kí wọ́n gbé ìwé wá kí òun fi ẹjọ́ ilé ìtajà sùn.

“Ẹ rọra, sà. Bí ẹ bá fẹjọ́ sùn lórí owó tó ti ń bọ̀, ẹjọ́ yẹn gan-an lè dá a dúró lọ́nà. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá kọjá tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ padà wá.”

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá! Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, ọ̀tunla sì ni Ẹtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé ọ̀gá láti lọ wò ó bóyá maṣíìnì ṣì wà níbẹ̀. Ó wà. Páálí ẹrù ló kún yàrá, ọ̀gá sì wà láàárín wọn lórí àga rẹ̀ àtijọ́ tí apá rẹ̀ kan ti ya. Kòlèjókòó fẹ́ jẹ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ bí a ti ń simi ló mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní kí ọ̀gá bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó àga náà bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Ọwọ́ ló ń yún mi, ọ̀gá.”

Bó ṣe lo Ọjọ́bọ̀ náà nìyẹn. Ó gé awọ, ó wo fóònù. Ó rán díẹ̀ lórí maṣíìnì ọ̀gá, ó wo fóònù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wà láàárín ojú ìrán awọ tó gùn jù lọ nígbà tí oníṣòwò àlòkù wọlé, tó di owó sínú ọ̀rá mọ́ abíyá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bìlà. Mo fẹ́ gbé ẹrù mi.”

Kòlèjókòó ò dáwọ́ dúró. Maṣíìnì ń han gooro.

“Ọmọ,” ni ọ̀gá wí, “owó tìrẹ ńkọ́?”

Ìgbà yẹn ni maṣíìnì dákẹ́. “Ọ̀gá, ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kò tíì dé ọwọ́ mi. Mo fagi lé ọjà kan ni. Mo rò pé bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, owó á wọlé báyìí.”

Oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín. “Owó ojú ọ̀nà! Èmi náà ní ọkọ̀ òfurufú lójú ọ̀nà.”

“Gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un,” ni ọ̀gá wí. “Oníṣòwò, ìwọ tí o kò fẹ́ kó rí i rà, ìwọ ni kó o kà á sí mi létí.”

Oníṣòwò gba fóònù. Ó kà á, ohùn rẹ̀ sì ń lọlẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Ó wúkọ́.

“Òótọ́ ni, àbí irọ́?” ni ọ̀gá bi í.

“Òótọ́ ni, Bàbá. Èmi náà ti fagi lé nǹkan rí. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó dé, àmọ́ ó dé.”

Ọ̀gá na ọwọ́, ó fi ìka tọ ojú ìrán lára awọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ẹni tí kò mọ ìgbà tó máa san án ló ń ra àwìn. Owó tó ti kúrò nílé, àlejò tó ń bọ̀ ni. Oníṣòwò, má bínú. Mi ò sì lè fa maṣíìnì yọ lábẹ́ iṣẹ́ tí kò tíì parí.”

Oníṣòwò rojú, ó sì jáde. Kòlèjókòó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku fò.

“Dìde. Èlé kan wà níbẹ̀. Mọ́tò ọmọ mi ò lè gba àga yìí. Gbé e lọ pẹ̀lú maṣíìnì, kó o sì jókòó sórí àga náà títí owó yóò fi dé.”

“Ọ̀gá, ó sàn kẹ́ ẹ ní kí n san owó jù bẹ́ẹ̀ lọ!”

“Jókòó ni mo sọ.”

Láti ọjọ́ náà, ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ṣeé fẹnu sọ tán. Yóò jókòó, yóò dìde. Ní Àìkú, ó dìde débi pé ìyàwó rẹ̀ ní òun máa fi gèlè dì í mọ́ ọn. Ọjọ́ Ajé kọjá, òfìfo. Ìṣẹ́gun kọjá, òfìfo.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀bù láti gbé oúnjẹ fún un. Fóònù ń gbọ̀n nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni, owó ti dé, kò dín kọ́bọ̀ kan. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti pariwo, ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Ó rọra bọ́ síta, ó pe ọ̀gá.

“Owó ti dé, sà.”

“Òun náà dà?”

“Ó jókòó, sà. Ó tiẹ̀ ń hanrun.”

“Ìyàwó mi,” ni ọ̀gá wí, “owó yẹn ni mo gbàgbọ́ pé ó máa dé; ti ìjókòó yẹn ni mi ò gbàgbọ́.”